Pẹnárítì kelòó ni aṣọ́lé yóò kọ́kọ́ mú? Bí mo ṣe yanjú ìbéèrè kan tí wọ́n fọwọ́ kọ

Inú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí, ni ìbéèrè yìí ti wá. Bírò dúdú ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí ìwé onílà, fọ́tò ojú ìwé náà ni mo sì fi ṣiṣẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

Wọ́n ń gbá pẹnárítì sí aṣọ́lé kan níbi ìdánrawò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣeéṣe pé yóò mú èyíkéyìí nínú wọn jẹ́ 0.2. X ni iye pẹnárítì tí wọ́n máa gbá títí tí yóò fi kọ́kọ́ mú ọ̀kan. Wá (a) P(X = 4); (b) P(X > 4); (d) iye tí a ń retí fún X; (e) iye pẹnárítì tó kéré jù lọ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbá kí ìṣeéṣe pé yóò ti mú ọ̀kan, ó kéré tán, fi tó 0.9.

Kí n tó ṣírò ohunkóhun, ibi (b) ni mo kọ́kọ́ tẹjú mọ́. Ìlà kan wà lábẹ́ àmì > yẹn, n kò sì lè sọ lójú kan bóyá ≥ ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Mo fa fọ́tò náà tóbi. Ìlà yẹn lọ láti etí ìwé kan dé èkejì, àwọ̀ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ ju ti bírò lọ, nítorí náà ìlà ìwé ni, kì í ṣe ara àmì. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré: P(X ≥ 4) jẹ́ 0.512, P(X > 4) sì jẹ́ 0.4096. Bí fọ́tò bá ṣú débi pé ẹ kò lè mọ̀ ọ́n, ẹ ṣe méjèèjì, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan: «ó tó mẹ́rin» tàbí «ó ju mẹ́rin lọ».

Ohun kejì ni kí a mọ ohun tí ìbéèrè ń pè ní àṣeyọrí. Bí èèyàn bá gbọ́ pẹnárítì, góòlù ló máa ń sọ sí i lọ́kàn. Níbí, aṣọ́lé la ń tẹ̀ lé, àṣeyọrí sì ni kó mú bọ́ọ̀lù. Nítorí náà p = 0.2, ìyókù sì jẹ́ 0.8. Ẹ má pe 0.8 yẹn ní ìṣeéṣe góòlù o. Bọ́ọ̀lù tó fò kọjá lókè òpó tàbí tó gba ẹ̀gbẹ́ lọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí aṣọ́lé kò mú un.

Ìdí tí ìbéèrè náà fi sọ pé ìdánrawò ni ṣe pàtàkì. Níbi pẹnárítì tí wọ́n fi ń parí ìdíje, márùn-ún márùn-ún ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ń gbá, wọ́n sì lè dá a dúró kó tó pé bí ẹgbẹ́ kan kò bá lè bá èkejì mọ́. Ìṣírò tiwa nílò kí gbígbá máa lọ títí àṣeyọrí àkọ́kọ́ yóò fi dé, kí 0.2 má yí padà, kí ìgbìyànjú kan má sì nípa lórí èyí tó tẹ̀ lé e. Bí àárẹ̀ bá mú aṣọ́lé tó fi jẹ́ pé ìkẹwàá ṣòro fún un ju ìkíní lọ, ìlànà yìí kò bá a mu mọ́.

Ó wá kan (a). Kí ìkẹrin tó lè jẹ́ èyí tó kọ́kọ́ mú, mẹ́ta àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́:

P(X = 4) = 0.8 × 0.8 × 0.8 × 0.2 = 0.512 × 0.2 = 0.1024

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n á kọ 0.8 × 0.8 × 0.8 × 0.8, wọ́n á wá fi 0.2 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìyẹn jẹ́ 0.08192, ìdáhùn P(X = 5) sì ni. Kíkùnà mẹ́ta péré ló ṣáájú ìkẹrin.

Àṣìṣe kan náà yìí máa ń yọjú lórí kọ̀ǹpútà, nítorí ohun tí ètò kan ń kà yàtọ̀ sí ti èkejì. R ń ka iye kíkùnà tó ṣáájú àṣeyọrí, nítorí náà 3 la máa fún un:

```r
dgeom(3, 0.2)
```

Ti Python ń ka gbogbo ìgbìyànjú, pẹ̀lú èyí tó yọrí sí rere, nítorí náà 4 la máa fún un:

```python
from scipy.stats import geom
geom.pmf(4, 0.2)
```

Àwọn méjèèjì máa fún yín ní 0.1024. Bí ẹ bá rí 0.08192 láti ọ̀dọ̀ R, 4 lẹ tẹ̀ síbẹ̀.

Fún (b), èèyàn lè ṣírò X = 1 títí dé X = 4, kó ro wọ́n pọ̀, kó wá yọ ọ́ kúrò nínú 1. Kò burú, àmọ́ ọ̀nà tó yá wà. Kí X tó ju mẹ́rin lọ, ohun kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀: kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àkọ́kọ́ bọ́ mọ́ aṣọ́lé lọ́wọ́. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò kàn wá. Nítorí náà 0.8 × 0.8 × 0.8 × 0.8 ni, ìyẹn 0.4096. Mo fi ọ̀nà gígùn yẹn yẹ̀ ẹ́ wò: 0.2 + 0.16 + 0.128 + 0.1024 = 0.5904, 1 − 0.5904 sì jẹ́ 0.4096.

(d) kò gba àkókò: 1 ÷ 0.2 = 5. Ohun tó gba àlàyé ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sọ pé ìkarùn-ún ló ṣeé ṣe jù kó kọ́kọ́ mú. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rò pọ̀ yẹn, ṣe ni wọ́n ń kéré sí i. Ìkíní gan-an, pẹ̀lú 0.2, ló tóbi jù lọ, ìkarùn-ún kò sì ju 0.08192 lọ. Ohun tí 5 ń sọ ni pé bí wọ́n bá tún ìdánrawò náà ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n ro iye pẹnárítì gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì pín in sí iye ìgbà tí wọ́n ṣe é, ìdáhùn máa súnmọ́ 5. Ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ tó pẹ́ gan-an kó tó mú ọ̀kan ló ń fa iye náà sókè.

Inú (e) ni máàkì ti ń sọnù jù. Ká ní pẹnárítì n ni wọ́n gbá. Ìṣeéṣe pé kò mú ìkankan jẹ́ 0.8ⁿ, a sì ń fẹ́ kí 1 − 0.8ⁿ tó 0.9, ó kéré tán. Ìyẹn ni pé 0.8ⁿ ≤ 0.1. Mo fi lọ́gì sí ọ̀tún àti òsì:

n × log 0.8 ≤ log 0.1
n × (−0.09691) ≤ −1

Bí a bá fẹ́ fi −0.09691 pín ọ̀tún àti òsì, àmì náà gbọ́dọ̀ yí padà, nítorí nọ́ńbà tó kéré sí òdo la fi ń pín in. Ó di n ≥ 10.32. Ẹni tó bá gbàgbé yí i padà yóò rí n ≤ 10.32, yóò sì kọ 10. Ẹni tó yí i, ṣùgbọ́n tó wá fi 10.32 sí nọ́ńbà odidi tó súnmọ́ ọn jù, yóò kọ 10 bákan náà. Nítorí náà mo dán nọ́ńbà méjèèjì wò kí n tó fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn. Bó bá jẹ́ 10, 1 − 0.8¹⁰ jẹ́ 0.8926, kò tíì tó. Bó bá jẹ́ 11, 1 − 0.8¹¹ jẹ́ 0.9141, ó ti kọjá 0.9. Pẹnárítì mọ́kànlá ni ìdáhùn.