Bí mo ṣe wá orin tí àbúrò ìyá mi gbọ́ ní Kétu

Àbúrò ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn ní Kétu. Àwọn àlejò kan láti Nàìjíríà wá kọ orin kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ó sì wọ àbúrò ìyá mi lọ́kàn. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ní Àjàṣẹ́ lórí Wasáàpù pé, "Ọmọ mi, bá mi wá gbogbo ẹsẹ rẹ̀, a fẹ́ kọ́ ọ." Èmi àti wọn, Faransé la fi kàwé, nítorí náà ìwọ̀nba tí etí gbé la ní lọ́wọ́: "no, not one" tí wọ́n ń tún kọ lemọ́lemọ́, "Jesus knows all about our" pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí kò dá wọn lójú, àti "till the day is done".

Mo kọ́kọ́ gbé èyí tó dá wa lójú jù sínú Gúgù, mo fi àmì àyọlò sí i:

```
"no not one"
```

Àmì yẹn ń sọ fún Gúgù pé kí ó wá àwọn ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra gan-an, láìsí òmíràn láàárín wọn. Lẹ́tà ńlá tàbí kékeré kò ṣe nǹkan kan. Ojú ìwé Bíbélì ló kún bò mí. Mo ṣí ọ̀kan, mo sì rí i pé Róòmù 3:10 nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ló ní gbólóhùn kan náà, níbi tó ti ní kò sí olódodo, kò sí ẹnì kan. Gbólóhùn tí a ń tún kọ nínú orin ló rọrùn jù láti rántí, àmọ́ tó bá kúrú tó báyìí, ó ṣeé ṣe kí ó wà ní ibi púpọ̀ tí kì í ṣe orin.

Ó yá, mo ronú ọ̀rọ̀ tí màá fi kún un. Ìgbà tí mo bá ń wá orin Faransé, "paroles" ni mo máa ń fi sí i, pẹ̀lú "refrain" fún ègbè tàbí "couplet" fún ẹsẹ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí ìlà nínú ojú ìwé ọ̀rọ̀ orin. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni "lyrics", "chorus" àti "verse". Ṣùgbọ́n níbí, "verse" kò lè ràn mí lọ́wọ́, nítorí ẹsẹ Bíbélì náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ì bá tún fà mí padà sí Róòmù. Ìwé orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sì sábà máa ń kọ "Refrain" sórí ègbè ju "Chorus" lọ, nọ́ńbà lásán ni wọ́n sì ń fi sí iwájú ẹsẹ. Nítorí náà mo mú "hymn" àti "refrain".

Ọ̀rọ̀ tí kò dá àbúrò ìyá mi lójú ló kù. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan tí a ṣì gbọ́ há àárín àmì àyọlò, ojú ìwé tó tọ̀nà kò ní wọlé, nítorí kò ní ọ̀rọ̀ náà. Mo fò ó. Mo gé ohun tó dá wa lójú sí méjì, mo fi àmì sí ìkọ̀ọ̀kan:

```
"knows all about our" "till the day is done" hymn refrain
```

Báyìí ni orin náà yọ: "No, Not One", tí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ "There's not a friend like the lowly Jesus". Johnson Oatman Jr. ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, George C. Hugg ló ṣe ohùn rẹ̀, ọdún 1895. Ọ̀rọ̀ tó fò wá ni "struggles". Àwọn akọrin mìíràn ń kọ ọ́ bíi "troubles", bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà kò fi dá àbúrò ìyá mi lójú.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo ẹsẹ ló wà lójú ìwé tí mo ṣí, torí ojú ìwé tó tẹ̀ lé olórin kan sábà máa ń ní kìkì ẹsẹ tí olórin yẹn yàn láti kọ. Mo mú ìlà kan láti inú ẹsẹ kìíní, tí kò sí nínú ègbè, mo fi wá a:

```
"heal all our soul's diseases" hymn
```

Ìlà ẹsẹ ṣọ̀wọ́n ju ìlà ègbè lọ, nítorí náà ojú ìwé orin yìí ló gbé jáde. Mo fi ojú ìwé orin ìsìn tó ní nọ́ńbà ẹsẹ wé ti olórin, mo sì fi èyí tó pé ránṣẹ́ sí Kétu.

Àbúrò ìyá mi tún béèrè bóyá Yorùbá rẹ̀ wà. Níbẹ̀, mo yọ àmì àyọlò kúrò. Ẹnìkan á kọ "ko si ore", ẹlòmíràn á kọ "kosi ore", ẹlòmíràn á kọ "ko s'ore", pẹ̀lú àmì ohùn tàbí láìsí, bẹ́ẹ̀ sì ni àmì àyọlò á mú ọ̀kan, á fi ìyókù sílẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà lásán, mo fi "orin" àti "Jesu" kún un, mo sì ń tú àbájáde wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Títí di báyìí mo ṣì ń tú u.