Bí a ṣe ń máàkì ìdáhùn àkàyé tí ọmọ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ

Ìdáhùn kan ṣoṣo ni olùkọ́ máa ń kọ sílẹ̀ fún ìbéèrè àkàyé. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ní kí àwọn ọmọ fi odindi gbólóhùn dáhùn, oríṣiríṣi la ó bá nínú ìwé wọn. Ẹ jẹ́ ká fi àyọkà kékeré yìí ṣe é, irú èyí tí ọmọ ọdún kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì lè kà:

Nígbà tí Àjàní dé ọjà, ó bá ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní títì. Ó bi aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ìyẹn sì sọ fún un pé láti àárọ̀ ni ìyá rẹ̀ àti àwọn aláṣọ yòókù ti lọ bá ìyálọ́jà ṣèpàdé lórí owó ìsọ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ fi kún.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí Àjàní kò fi bá ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀? (Máàkì 2)
Ìdáhùn olùkọ́: Ìyá Àjàní ti lọ ṣèpàdé lórí owó ìsọ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ fi kún.

Kí ẹ tó fi bírò pupa kan ìwé ẹnikẹ́ni, ẹ tú ìdáhùn yín sí kókó. Méjì ló wà níbí: ìyá lọ sí ìpàdé, máàkì 1; owó ìsọ̀ tó lé sí i ni ìpàdé náà dá lé, máàkì 1. Ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣe kókó, torí ìbéèrè kò bèèrè ẹni tó fowó kún un. Ọmọ tí kò bá dárúkọ rẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan. Àmọ́ ẹni tó bá kọ ọ́ pé ìyálọ́jà ló fowó kún un ti ṣi àyọkà kà, kókó kejì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà láìmáàkì wọn, kí ẹ lè rí ọ̀nà tí àwọn ọmọ gbà sọ ọ́. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ máàkì nínú gbogbo ìwé kí ẹ tó bọ́ sí èyí tó kàn. Àyọkà ni kí ẹ gbé síwájú bí ẹ ti ń kà á, kì í ṣe ìdáhùn tiyín, kí ẹ sì bi ara yín ní nǹkan méjì: ṣé òótọ́ ni ohun tí ọmọ yìí kọ gẹ́gẹ́ bí àyọkà ti wí? Ṣé ó dáhùn ohun tí a bi í? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn ọmọ kan lè kọ.

“Wọ́n ti lọ jíròrò nítorí owó ṣọ́ọ̀bù tó gbówó lórí.” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀rọ̀ olùkọ́ kankan níbẹ̀, síbẹ̀ máàkì méjèèjì ni. Ẹ má jẹ́ kí “wọ́n” yẹn dà yín láàmú. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í pe ìyá ní “ó”.

“Ìyá Àjàní ti lọ ṣèpàdé lórí owó ìsọ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ dín kù.” Èyí jọ ìdáhùn olùkọ́ bí ìbejì, ṣùgbọ́n máàkì 1 ni. Irú èyí ló máa ń yọ́ kọjá lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú. Ẹ máa wo ibi tí ìtumọ̀ ti ń yí padà wéré: “kò”, “ti” àti “máa”, “fi kún” àti “dín kù”.

“Ó lọ sí ìpàdé owó ìsọ̀ tó lé.” Ta ni “ó”? Àjàní ni ìbéèrè fi ṣe olùwà, nítorí náà ó lè dà bíi pé Àjàní ló lọ sí ìpàdé. Èmi á fún un ní máàkì méjèèjì, torí kò sí ẹni tó ka àyọkà yìí tí yóò rò bẹ́ẹ̀.

“Ìyá rẹ̀ ti ta ọjà tán.” Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú àyọkà. Òdo ni.

Ọmọ mìíràn á da gbogbo gbólóhùn kejì kọ, láti orí “Ó bi aláta” dé òpin. Ìdáhùn wà nínú rẹ̀, òun kọ́ ló sì yọ ọ́ jáde. Bí ìtọ́ni bá ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn dáhùn, mi ò ní fún un ju máàkì 1 lọ.

Ọ̀rọ̀ odindi gbólóhùn ńkọ́? “Ìpàdé lórí owó ìsọ̀ tó lé” kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó gbé e dúró, kì í ṣe gbólóhùn. Bí ẹ bá ti ya máàkì sọ́tọ̀ fún gbólóhùn, ìyẹn nìkan ni kí ẹ yọ. Bí ẹ kò bá yà á sọ́tọ̀, ẹ kọ àkíyèsí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ẹ má tìtorí rẹ̀ yọ máàkì kókó. “Nítorí pé ìyá rẹ̀ lọ sí ìpàdé owó ìsọ̀ tó lé” ló ń fa àríyànjiyàn jù láàárín àwọn olùkọ́. Lójú gírámà, awẹ́ gbólóhùn ni. Ṣùgbọ́n báyìí gan-an ni Yorùbá ṣe ń dáhùn “Kí ló dé?”, èmi á gbà á. Bí olùkọ́ méjì bá jọ ń máàkì kíláàsì kan, kí wọ́n fẹnu kò lórí rẹ̀ ṣáájú.

Ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ gan-an la bèèrè, bíi “Fa ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù yọ nínú àyọkà.” Ibẹ̀ yẹn, “ìsọ̀” nìkan la ń gbà.

Ìdáhùn tuntun tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀ yóò ṣì yọjú nígbà tí ìwé bá ń lọ sópin, bíi “Ìyá rẹ̀ bá wọn lọ fi ẹjọ́ owó ìsọ̀ tó lé sun ìyálọ́jà.” Àyọkà kò sọ pé wọ́n fẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n kókó méjèèjì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbà á, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ìdáhùn yín, kí ẹ sì padà sínú àwọn ìwé tí ẹ ti máàkì, bóyá ẹ ti fagi lé irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn.