Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí báǹkì bá yọ owó káàdì tí káàdì kò sì wọlé

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀ ni èyí tí èmi gan-an ṣe. Mo ra káàdì ₦2,000 lórí áàpù báǹkì mi ní aago 8:14 alẹ́. Àlẹ́ẹ̀tì dé pé wọ́n ti yọ owó, ṣùgbọ́n káàdì kò dé. Nítorí pé ìpè kan ń kán mi lójú, mo tún ra ₦2,000 mìíràn ní aago 8:17, èyí sì wọlé. Nígbà tí mo fẹjọ́ sun báǹkì, èsì wọn ni pé àwọn rí i pé ₦2,000 wọ nọ́ńbà mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá di dandan kí ẹ tún rà, ẹ ra iye tí ó yàtọ̀, ₦1,950 fún àpẹẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀kan pe èkejì.

Ẹ má ṣe rò pé àlẹ́ẹ̀tì nìkan tó ẹ̀rí. Ohun tí ó ń sọ kò ju pé owó ti kúrò lọ́wọ́ yín, kò sì sọ ibi tí ó dúró sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, alágbàtà kan wà láàárín báǹkì àti ilé-iṣẹ́ fóònù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni káàdì sì lè há sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé áàpù ti kọ ọ́ pé ó yọrí. Nítorí náà, ẹ ṣí rìsíìtì inú áàpù, kí ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà tí wọ́n pè ní Transaction Reference tàbí Session ID. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ *310# fún káàdì tàbí *323# fún détà, kí ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà kí aago hàn nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pariwo, ẹ rántí bóyá ẹ ti yá káàdì sẹ́yìn. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ₦500 tí ó wá ra káàdì ₦500 lè má rí nǹkan kan, nítorí pé gbèsè ti gbé e mì bí ó ti ń wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti báǹkì mọ́. Ẹ tún wo nọ́ńbà tí ó wà lórí rìsíìtì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ti gbé nọ́ńbà rẹ̀ kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò pé ti tuntun ni òun yàn.

Ohun tí ó yọ mí ni pé mo pe ilé-iṣẹ́ fóònù mi lórí 300, mo sì ní kí wọ́n ka gbogbo káàdì tí ó wọ nọ́ńbà mi láàárín aago 8:00 sí 9:00 alẹ́ náà fún mi. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí, aago rẹ̀ sì jẹ́ 8:17. Mo gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, mo fi í ránṣẹ́ sí báǹkì pẹ̀lú rìsíìtì méjèèjì àti sítétímẹ́ǹtì tí ó fi hàn pé ₦2,000 jáde lẹ́ẹ̀mejì láìsí èyí tí ó padà. Lọ́jọ́ kẹta, ₦2,000 ti aago 8:14 padà sínú àkáǹtì mi.