Bí a ṣe ń ka pátógíráàfù nígbà ìrọbí

Ìpele mẹ́ta ni ìrọbí ní. Ní àkọ́kọ́, ẹnu ilé ọmọ ń ṣí títí yóò fi pé sẹ̀ǹtímítà 10. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ títí ọmọ yóò fi délẹ̀, ẹ̀kẹta sì ni ìgbà tí ibi ń jáde. Àkọ́kọ́ ló máa ń pẹ́ jù, inú rẹ̀ sì ni pátógíráàfù, ìwé tí a ń ya bí ìrọbí ṣe ń lọ sí, ti ń tọ́ agbẹ̀bí sọ́nà.

Má tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ya á. Lórí ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ṣe ní 2000, ó di ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 4. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 2 á kàn máa já ara rẹ̀ láyà ni, torí ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí lè fà láìsí aburú. Fi X sí 4 lórí ìlà ìkìlọ̀, kí o sì kọ aago sábẹ́ rẹ̀. Ìlà yìí ń gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 1 ní wákàtí kan; ìlà ìgbésẹ̀ wà ní wákàtí 4 sí ọ̀tún rẹ̀. (Ìwé tuntun ti 2020 bẹ̀rẹ̀ láti 5, kò sì ní ìlà méjèèjì yìí mọ́, torí ọ̀pọ̀ aláboyún tí ara wọn le ni kì í ṣí tó bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan.)

Ká ní ìyá kan dé ní aago 8 àárọ̀ pẹ̀lú 4. Ní aago 12, ó yẹ kó ti tó 8, àmọ́ 6 lo bá. X ti bọ́ sí ọ̀tún ìlà ìkìlọ̀. Ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, 6 náà ni. Ó ti kọjá ìlà ìgbésẹ̀.

X sọ fún ọ pé ó ń fà, kò sọ ìdí rẹ̀. Àwọn nǹkan yòókù tí o kọ sórí ìwé náà lo máa wò fún ìyẹn. Bí ilé ọmọ bá ń sún kì lẹ́ẹ̀mejì péré ní ìṣẹ́jú 10, tí kò sì pẹ́ kó tó dẹ̀, agbára ni kò tó. Jẹ́ kí ìyá tọ̀ ná, nítorí ìtọ̀ tó kún inú lè dí orí ọmọ lọ́wọ́, kí dókítà sì pinnu bóyá òun á fi omi sí i lára láti mú ìrọbí le.

Ṣùgbọ́n bó bá ń sún kì lẹ́ẹ̀mẹrin, tó ń lé ní ìṣẹ́jú àáyá 40, tí orí ọmọ ṣì wà ní ìka mẹ́rin nínú márùn-ún lókè egungun ìbàdí bó ṣe wà láàárọ̀, tí eegun orí ọmọ sì ti gun ara wọn tí ọwọ́ kò lè yà wọ́n, ọ̀nà ló dí. Ìtọ̀ tó ní ẹ̀jẹ̀ tún ń kín in lẹ́yìn. Má ṣe fi oògùn tó ń mú ìrọbí le sí i níbí, ilé ọmọ lè fàya. Iṣẹ́ abẹ ló kù: pe ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, fi ìwé náà rán wọn, kí dókítà lè rí aago tí X ti dúró.