Àwòrán ìwé ìdánwò tí kò bá ọ̀rọ̀ kankan dé

Aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Ìyàwó àbúrò mi ló fi àwòrán kan ránṣẹ́: ojú ewé kan ṣoṣo nínú ìwé ìdánwò ìṣirò, tí òjìji ọwọ́ ẹni tó yà á bo igun kan. Kò kọ "ẹ jọ̀ọ́", kò kọ "ẹ bá wa wò ó", kò tilẹ̀ fi àmì ìbéèrè sí i. Mo pè é padà, fóònù rẹ̀ ti kú. Mo mọ̀ pé ọmọ wọn ọkùnrin ń múra ìdánwò, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé èmi ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe sí i.

Ẹni tó fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lè fẹ́ ìdáhùn lásán. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló fẹ́ kí n là yé òun, tàbí kí n yẹ iṣẹ́ tí ọmọ ti ṣe wò, kí n sọ ibi tó ti ṣì. Mo ti ṣi èyí yàn rí. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan fi ojú ewé ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo jókòó, mo kọ àlàyé tó kún ojú ewé kan gbáko. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alàgbà, ìdáhùn nìkan ni mo fẹ́ fi wé tèmi." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo àwòrán dáadáa kí n tó gbé báírò.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò kì í ṣe ìbéèrè rárá. Orí ìwé ni mo wò, níbi tí wọ́n ń tẹ ọjọ́ ìdánwò sí. Bó bá jẹ́ ìdánwò tí ọmọ ń ṣe lọ́wọ́ ni, mi ò ní fi lẹ́tà kan ṣoṣo ránṣẹ́, ì báà jẹ́ ìdáhùn tàbí àlàyé. Ṣùgbọ́n ọdún tó wà lórí èyí ti kọjá tipẹ́, àyè tí wọ́n ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ sí sì ṣófo. Ìwé ìdánwò àtijọ́ tí ọmọ fi ń gbára dì ni.

Ìbéèrè keje nìkan ló hàn tán nínú àwòrán náà. Wọ́n ní kí a yanjú 2x² − 12x + 10 = 0, kí a sì lo ọ̀nà tí a ń gbà sọ ọ́ di síkúèè pípé. Wọ́n kọ 4 sínú àkámọ́ ní ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn ni pé máàkì mẹ́rin ló wà fún un. Nísàlẹ̀ rẹ̀, mo rí ìlà pẹ́ńsù tó ṣú fẹ́ẹ́rẹ́, mo sì rò pé bóyá ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé ló ń hàn jáde. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àlàyé: ohun tí síkúèè pípé jẹ́, ìdí tí a fi ń mú ìdajì nọ́ńbà tó wà lára x, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti tẹ tó ìlà mẹ́wàá kí n tó rí i pé ohun kan wà ní etí ìwé lápá òsì, níbi tí òjìji náà dé. Mo fa àwòrán náà tóbi, mo fi kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, mo sì jẹ́ kí dúdú rẹ̀ dúdú sí i kí funfun rẹ̀ sì funfun sí i. Àṣé iṣẹ́ ọmọ náà ni. Ó ti fi írésà pa á, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù kì í parẹ́ tán. Ojú ibi tó ti tẹ bébà mọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo pa gbogbo ohun tí mo ti tẹ̀ rẹ́.

Kí n tó ka iṣẹ́ ọmọ, mo gbé bébà mìíràn, mo sì yanjú ìbéèrè náà fúnra mi. Mi ò fi èyí ṣeré, torí bí mo bá kọ́kọ́ ka ti ọmọ, ojú mi á tẹ̀ lé tirẹ̀, èmi náà á sì fò ohun tó fò. Mo fi 2 pín gbogbo rẹ̀, ó di x² − 6x + 5 = 0. Ìdajì 6 ni 3, nítorí náà ó di (x − 3)² − 9 + 5 = 0, ìyẹn (x − 3)² = 4. Nígbà náà x − 3 jẹ́ 2 tàbí −2, x sì jẹ́ 5 tàbí 1. Mo wá padà sí ti ọmọ. Ohun tí mo rí nìyí:

```
2x² − 12x + 10 = 0
x² − 6x + 10 = 0
(x − 3)² − 9 + 10 = 0
(x − 3)² = −1
```

Ibẹ̀ ló dúró sí, ibẹ̀ náà ló sì ti gbé írésà. Ohun tó wà ní etí ìwé ni pé ó ti ń fi nọ́ńbà dán ìdọ́gba náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi 5 sí ipò x, ó kọ 50 − 60 + 10, ó rí i pé òfo ló jẹ́, ó sì fi òbìrípo yí x = 5 ká.

Ohun tó wà ní etí ìwé yìí ló yanjú ọ̀rọ̀ fún mi. Ọmọ náà mọ̀ pé kò sí nọ́ńbà gidi tí a óò fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tí yóò di −1, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní dúró níbẹ̀. Ó tún mọ̀ pé 5 bá ìbéèrè náà mu. Ọ̀nà tí wọ́n kọ́ ọ ń sọ fún un pé kò sí ìdáhùn, ojú rẹ̀ sì ti rí ìdáhùn kan. Bí mo bá fi "5 àti 1" ránṣẹ́, mo kàn fi 1 kún ohun tó ní lọ́wọ́ ni, á sì máa rò pé ọ̀nà síkúèè pípé ló dà òun. Bí mo bá sì là á yé e láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó mọ̀ ni mo tún ń kọ́ ọ: ó mú ìdajì 6, ó yọ 9, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ìlà kejì nìkan ló ṣì. Ó pín 2x², ó pín 12x, kò pín 10. Mo máa ń rí èyí lọ́wọ́ àwọn ọmọ gan-an. Ojú wọn máa ń wà lára ohun tí x bá wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi nọ́ńbà tó dá dúró sílẹ̀ bíi pé kò sí nínú ìdọ́gba. Máàkì ni mo yàn láti fún un.

Ká ní ojú ewé náà mọ́ tónítóní tí kò sí ìlà pẹ́ńsù kankan, ọ̀nà ni ǹ bá là sílẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìbéèrè tó jọ ọ́, bíi 3x² − 12x + 9 = 0, kí ọmọ lè lọ ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ká sì ní mo rí báírò pupa níbẹ̀, tíṣà mìíràn ti fún un ní máàkì nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ mi ni ìdí tí máàkì fi lọ.

Mi ò ní ìlànà tí àwọn tó ṣètò ìdánwò náà fi ń fúnni ní máàkì, nítorí náà mo pín mẹ́rin náà bí mo ṣe máa ń pín in: ọ̀kan fún pípín pẹ̀lú 2, ọ̀kan fún síkúèè pípé, ọ̀kan fún síkúèè rúùtù pẹ̀lú àmì méjèèjì, ọ̀kan fún ìdáhùn méjèèjì. Àkọ́kọ́ lọ. Mo fún un ní ìkejì, torí pé iṣẹ́ tó ṣe sórí ìlà tó ti ṣì tọ̀nà. A kì í fi àṣìṣe kan yọ máàkì lẹ́ẹ̀mejì. Kò dé ibi ìkẹta àti ìkẹrin. Ọ̀rọ̀ x = 5 tó wà ní etí ìwé mú mi rò díẹ̀. Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìbéèrè ti dárúkọ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́, dídán nọ́ńbà wò lásán ni ọmọ sì fi rí i. Mi ò fún un ní nǹkan kan lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn lè ṣàánú rẹ̀ níbẹ̀, mi ò ní bá a jà. Máàkì kan nínú mẹ́rin ló gbà.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí: "Ìyàwó wa, mo gbà pé iṣẹ́ ọmọ ni ẹ fẹ́ kí n yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ni, sọ fún mi. Sọ fún un pé ọ̀nà tó gbà dára, kó má pa á rẹ́ mọ́. Kó padà sí ìlà kejì, kó fi ìka tọ́ nǹkan mẹ́ta tó wà nínú ìdọ́gba náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì bi ara rẹ̀ bóyá ó ti pín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà kó ṣe é lọ títí dé òpin. Bí èmi ṣe pín máàkì, ó gba ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ti àwọn tó ni ìdánwò lè yàtọ̀." Mo fi gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn síbẹ̀ nítorí pé àbá ni mo dá. Bí àbá náà kò bá bọ́ sí i, kí wọ́n tètè mọ̀ kí wọ́n tó kà á dé òpin. Ìdáhùn ni mi ò kọ síbẹ̀. Ó ti mọ bí a ṣe ń fi nọ́ńbà padà sínú ìdọ́gba, òun fúnra rẹ̀ á lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó tó wákàtí kan kí èsì tó dé, àwòrán mìíràn ni, ó sì tún dé láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Báírò ló fi kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìlà kejì ti di x² − 6x + 5 = 0, ó dé (x − 3)² = 4 láìsí wàhálà, ó kọ x − 3 = 2, ó kọ x = 5, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ó rí 5 tó ti ń wá látẹ̀yìnwá, kò sì wá nǹkan mìíràn mọ́. Mi ò ní láti tún rò ó lẹ́ẹ̀mejì ohun tí àwòrán yìí ń bèèrè. Mo kọ ọ́ sí i pé: "Ó ti di méjì nínú mẹ́rin. Wo ìlà tí 4 wà. Ṣé 2 nìkan ni nọ́ńbà tí a lè fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kó di 4?"

Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí ọ̀rọ̀ fi wọlé, ọ̀rọ̀ gidi lọ́tẹ̀ yìí, láti ọwọ́ ọmọ náà: "Bàbá, −2 náà wà ńbẹ̀. x = 1. Mo ti fi sí i padà, 2 − 12 + 10, òfo ni."