Bí Mo Ṣe Yan Igi Ẹ̀gẹ́ fún Oko Tuntun

Igi ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn máa ń hù bí èyí tí ara rẹ̀ le. Ohun tí mo fi sọ́kàn nìyí nígbà tí mo ń wá igi tí n óò gbìn sí éékà kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán lẹ́yìn Èrúwà. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí igi bá ti rúwé, ó ti dára nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí igi náà ṣe ń hù gan-an.

Gbogbo ohun tí ẹ̀gẹ́ máa jẹ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ti wà nínú igi tí a gbìn. Omi wà níbẹ̀, sítáàṣì tí igi fi pamọ́ náà sì wà níbẹ̀. Lójú kọ̀ọ̀kan tí ewé ti já bọ́ lára igi, èéhù kan wà tó ń sùn. Orí igi tó wà lókè ni kì í jẹ́ kí wọ́n jí. Bí a bá ti gé orí yẹn kúrò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ní ti gbòǹgbò, ẹ bó èèpo igi tútù kan, ẹ ó rí i pé ibi tí èèpo ti ya kúrò lára igi ń yọ̀. Ibi tó ń yọ̀ yẹn ni igi ti ń sanra, ibẹ̀ náà ló sì lè ti yọ gbòǹgbò tuntun. Èròjà kan tó ń darí ìdàgbà máa ń ṣàn láti òkè igi wá sí ìdí, á sì wá kóra jọ sí ibi tí a ti gé e nísàlẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà á wú díẹ̀, gbòǹgbò á sì yọ yí i ká. Òmíràn á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ojú tó wà nínú ilẹ̀. Èyí ló fà á tí igi tí a gbìn ní ìdojúdé kì í tètè hù dáadáa: ìdí tó yẹ kó ta gbòǹgbò ló wà lókè yẹn.

Kò sí irúgbìn láàárín ìyá àti ọmọ nínú gbogbo èyí. Ẹ̀ka ara ìyá ni a gé gbìn, nítorí náà ohunkóhun tó wà nínú ara ìyá ló ń bá a lọ sí oko tuntun, àti àìsàn pẹ̀lú. Oúnjẹ inú igi tó láti mú igi aláìsàn hù. Ìgbà tí a bá fẹ́ wu ẹ̀gẹ́ ni a óò tó mọ̀ pé kò ta iṣu.

Ẹnì kan gbé igi wá bá mi, ó dì í dáadáa, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Mi ò rà á, torí kò sí ewé kankan lára rẹ̀ mọ́. Ewé ni àìsàn tó burú jù, tí wọ́n ń pè ní mòsáíkì, ti máa ń fara hàn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Igi tí a gbìn ló ń gbé e káàkiri, àti kòkòrò funfun kéékèèké tó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ewé. Bí ewé bá ti já tán, igi tó ní in àti èyí tí kò ní in kò yàtọ̀ síra wọn lójú.

Nítorí náà, inú oko ni mo lọ, nígbà òjò, ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ewé ṣì kún. Bàbá kan ní Ìbàràpá tí mo mọ̀ gbin TME 419, ẹ̀yà tí wọ́n mú wá láti Tógò. Igi rẹ̀ máa ń ga tààrà, kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ̀ka, mòsáíkì kì í sì í tètè mú un. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ àdúgbò wà láàárín wọn. Mo ń gba poro kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń wo ewé òkè. Èyí tó ní mòsáíkì máa ń ní àbàwọ́n àwọ̀ ìyeyè àti ewéko tútù, ewé náà á ká kò, ẹ̀gbẹ́ kan á kéré ju ìkejì lọ. Bàbá ní, “Ọmọ mi, ṣebí ó ṣì ń dàgbà.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó mọ́.” Mo so ìrépé aṣọ pupa mọ́ àwọn tí mo yàn, mo sì padà lọ wò wọ́n ní oṣù kẹwàá, mo tú aṣọ kúrò lára àwọn tó ti yí padà.

Àìsàn kejì tí mo wò fún ni èyí tí bakitéríà ń fà. Ewé á ní àmì onígun tó dà bíi pé omi rin ín, á rọ, orí igi á sì gbẹ láti òkè wá. Nígbà míì oje á dì mọ́ ara ọ̀dọ́ igi. Ẹ̀gẹ́ tó bá ní in, mi ò mú un. Igi tí ohun funfun bíi ìyẹ̀fun bò náà, mi ò mú un. Kòkòrò tó ń mu omi ara igi ni, igi bẹ́ẹ̀ kì í sì í hù dáadáa.

Nígbà tí òjò fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹrin, igi náà ti tó bí oṣù mọ́kànlá. Láti oṣù mẹ́jọ sí méjìdínlógún ló dára láti gé igi fún gbígbìn, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́wàá sí méjìlá ni mo fẹ́ràn jù. Mo gé orí tó ṣì tutù dànù, torí ó tètè ń gbẹ tàbí kó rà. Mo sì fi ìdí tó le gan-an sílẹ̀. Àárín ni mo mú. Mo gé igi kan wò lójú Bàbá: oje funfun sun jáde lójú ẹsẹ̀, mùdùnmúdùn àárín rẹ̀ kò sì tó ìdajì ìbú igi. Bí mùdùnmúdùn bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, igi náà kò tíì gbó. Bí oje kò bá yọ, ó ti gbẹ. Mo tún wò bóyá ilà aláwọ̀ ilẹ̀, tó lè jẹ́ àmì àìsàn, wà nínú igi, kò sí.

Ó yẹ kí n sọ ìṣirò rẹ̀. Ní mítà kan sí mítà kan, éékà kan máa gba nǹkan bí 4,000 igi. Ọ̀pá mítà kan ń di mẹ́rin bí a bá gé e ní sẹ̀ǹtímítà 25, ọ̀pá 50 ló sì wà nínú ìdì kan. Ìdì 20 ló tó. Mo fi méjì lé e fún àfikún. Mo tò wọ́n ní ìnàró sábẹ́ igi máńgòrò, ìdí wọn wọ ilẹ̀ tó tutù díẹ̀. Àdá tó mú ni mo fi gé e, kí ojú rẹ̀ má fọ́, mo sì ń fi bílíìṣì tí mo pò mọ́ omi nu àdá náà lóòrèkóòrè. Ojú márùn-ún sí méje ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dá wọn síbùú díẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọ ilẹ̀, àwọn ojú kọjú sókè.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ ti yọ. Mo wá ń wo ewé àkọ́kọ́ pàápàá. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ti ní àbàwọ́n, inú igi ni àìsàn ti wá. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá mọ́ tí tòkè kò mọ́, kòkòrò funfun ló gbé e wá lẹ́yìn tí a gbìn ín. Díẹ̀ ní àbàwọ́n láti ìsàlẹ̀. Mo fà wọ́n tu, mo jó wọn, mo sì fi igi tó kù lábẹ́ máńgòrò dí àyè wọn kí oṣù kan tó pé, torí lẹ́yìn ìyẹn òjìji àwọn tó yí i ká kò ní jẹ́ kó bá ẹgbẹ́.