Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń to ìnáwó sábẹ́ ìsọ̀rí nínú Excel

Àkápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan gbé fáìlì wá bá mi nígbà tí ìpàdé ọdọọdún wọn ku ọjọ́ mẹ́ta. Owó tí wọ́n ná ní oṣù kẹfà jẹ́ 90,000 náírà, rìsíìtì mẹ́sàn-án ló sì wà nídìí rẹ̀. Àmọ́ ìlà tó kẹ́yìn nínú fáìlì ń ka 180,000. Kò sẹ́ni tó jí owó. Bí wọ́n ṣe to ìwé náà ló fa wàhálà.

Ẹ wo àwọn ìnáwó náà bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n wà, ìlà kan fún rìsíìtì kan. Òpó márùn-ún ni, láti A dé E:

```
Ọjọ́   Rìsíìtì  Ìsọ̀rí    Àlàyé             Iye
3/6    141      Ọkọ̀     Ọkọ̀ lọ ọjà        4500
5/6    142      Oúnjẹ    Ìrẹsì, epo pupa   18000
5/6    143      Iná      Epo jẹnẹrétọ̀     12000
9/6    144      Ọkọ̀     Ọkọ̀ lọ báńkì      6000
9/6    145      Ìtẹ̀wé   Pépà               7500
9/6    146      Ọkọ̀     Ọkọ̀ lọ báńkì      3500
12/6   147      Oúnjẹ    Ẹran              22000
17/6   148      Iná      Epo jẹnẹrétọ̀     12000
24/6   149      Ìtẹ̀wé   Ìwé ìpè            4500
```

Àkápò wa kò kọ ọ́ báyìí. Ó kọ "INÁ" sórí ìlà kan, ó to owó epo sábẹ́ rẹ̀, ó kọ "Àròpọ̀ Iná", ó fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo, ó tún kọ "ÌTẸ̀WÉ", bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí dé ìsàlẹ̀. Ó rí gẹ́gẹ́ bí ìwé tí a tẹ̀ jáde, ó sì dùn ún wò. Nígbà tó parí, ó kọ `=SUM` láti òkè òpó Iye dé ìsàlẹ̀.

Ẹ má ṣe fi àkọlé àti àròpọ̀ sáàárín ìlà ìnáwó

Àṣìṣe yìí ni ìyá gbogbo ìyókù. `SUM` kò mọ̀ pé 24,000 tó wà níwájú "Àròpọ̀ Iná" kì í ṣe owó tí ẹnikẹ́ni ná. Ó ka epo méjèèjì, ó tún ka àròpọ̀ wọn. Nítorí pé gbogbo ìsọ̀rí ló ní àròpọ̀ tirẹ̀, kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ló kà lẹ́ẹ̀mejì. Àmì rẹ̀ nìyẹn: bí àròpọ̀ yín bá jẹ́ ìlọ́po méjì geerege, kò sí ohun mìíràn láti wá. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni fáìlì tí wọ́n ti gbàgbé láti fi àròpọ̀ sí ìsọ̀rí kan, torí iye tó máa jáde kò ní jẹ́ ìlọ́po méjì mọ́, ojú lè fò ó.

Yàtọ̀ sí àròpọ̀, àwọn ìlà náà ti sọ orúkọ ara wọn nù. Ìlà tó ní 12,000 kò mọ̀ pé Iná ni òun. Ibi tó dúró sí nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tò ó lẹ́sẹẹsẹ ọjọ́ báyìí, gbogbo rẹ̀ á dàrú, kò sì sí ohun tí a lè fi mọ èyí tó jẹ́ ti Iná. Ìlà òfìfo tún ń dá Excel dúró: bí ẹ bá tẹ Filter tàbí Sort láìkọ́kọ́ fi ọwọ́ yan gbogbo rẹ̀, ibi tí òfìfo wà ló máa rò pé iṣẹ́ parí sí.

Bí fáìlì yín bá ti rí báyìí, ó ṣe é tún ṣe. Ẹ fi òpó tuntun kan sí iwájú, ẹ gé àkọlé kọ̀ọ̀kan lọ sínú rẹ̀ lórí ìlà tó wà. Ẹ yan òpó náà láti àkọlé àkọ́kọ́ dé ìlà ìnáwó tó kẹ́yìn. Ẹ tẹ Ctrl+G, lẹ́yìn náà Special, kí ẹ yan Blanks. Láìtẹ ibòmíràn, ẹ tẹ `=`, ẹ tẹ bọ́tìnì ọfà òkè, kí ẹ wá tẹ Ctrl+Enter. Gbogbo àpótí tó ṣófo á gba orúkọ tó wà lókè rẹ̀. Ẹ kọpí òpó náà kí ẹ lẹ̀ ẹ́ padà pẹ̀lú Paste Values, torí bí ẹ bá fi fọ́múlà sílẹ̀ níbẹ̀, sísọ́ọ̀tì á tún dà á rú. Ẹ wá fi Filter yọ gbogbo ìlà tí kò ní ọjọ́: àkọlé àtijọ́, àròpọ̀ àti ìlà òfìfo nìyẹn. Ohun tó kù ni ìnáwó gidi.

Ẹ má ṣe tẹ Subtotal kí ẹ tó sọ́ọ̀tì

Excel ní irinṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó wà lábẹ́ Data, orúkọ rẹ̀ ni Subtotal. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ka òpó Ìsọ̀rí lọ sísàlẹ̀, ibikíbi tí orúkọ bá ti yí padà, ó fi àròpọ̀ kan síbẹ̀. Kò wò ó bóyá orúkọ náà ti kọjá rí. Ẹ wo àkọsílẹ̀ òkè yẹn: kò sí ìlà kan tí ìsọ̀rí rẹ̀ jọ ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá tẹ Subtotal bó ṣe wà yẹn, àròpọ̀ mẹ́sàn-án ló máa fún wa fún ìlà mẹ́sàn-án, Ọkọ̀ nìkan á ní mẹ́ta.

Ẹ kọ́kọ́ sọ́ọ̀tì pẹ̀lú Ìsọ̀rí, lẹ́yìn náà Ọjọ́. Nígbà náà ni àròpọ̀ á di mẹ́rin: Iná 24,000, Ìtẹ̀wé 12,000, Ọkọ̀ 14,000, Oúnjẹ 40,000. Bí Subtotal bá di eérú tí kò ṣe é tẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ti fi Ctrl+T sọ àkọsílẹ̀ náà di Table. Subtotal kì í ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ lè lo Convert to Range, tàbí kí ẹ lo PivotTable tí mo máa sọ láìpẹ́.

Fọ́múlà tí irinṣẹ́ yìí ń kọ yàtọ̀ sí `SUM`:

```
=SUBTOTAL(9,E2:E3)
=SUBTOTAL(9,E2:E13)
```

Èkíní ni ti Iná, èkejì ni ti gbogbogbòò. `SUBTOTAL` máa ń fo `SUBTOTAL` mìíràn tó bá pàdé lọ́nà, ìdí nìyẹn tí èkejì fi fún wa ní 90,000 bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àròpọ̀ wà láàárín rẹ̀.

Àwọn kan máa ń yí 9 yẹn padà sí 109 torí wọ́n gbọ́ pé ó dára jù. 109 kì í ka ìlà tí a bá fi pamọ́. Bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà 1, 2, 3 tó wà lápá òsì, tí a fi ń ká àwọn ìlà kò kí àròpọ̀ nìkan lè hàn, fífi ìlà pamọ́ náà ni iṣẹ́ wọn. Ẹ tẹ 2, gbogbo àròpọ̀ yín á di òdo. Ẹ fi 9 sílẹ̀ bó ṣe wà. Filter ní tirẹ̀ yàtọ̀: ìlà tó bá fi pamọ́, àti 9 àti 109 ló ń fò ó. Nítorí náà ẹ wò ó dáadáa pé kò sí Filter lórí rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tẹ orúkọ ìsọ̀rí

"Ọkọ̀", "Ọkọ" àti "Oko" jẹ́ ìsọ̀rí mẹ́ta lójú kọ̀ǹpútà. "Ọkọ̀" tí ẹnì kan fi àlàfo sẹ́yìn rẹ̀ lè di ìkẹrin. Ti èdè wa tún le sí i, torí ojú lè rí ọ̀rọ̀ kan bákan náà kó má jẹ́ bákan náà nínú fáìlì. Fóònù kan lè kọ ọ gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo, kí kíbọ́ọ̀dù mìíràn kọ o kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Ẹ fi `=LEN(C2)` wò ó: "Ọkọ̀" lè jẹ́ 4 níbì kan kó jẹ́ 6 níbòmíràn. Ẹ kọ orúkọ ìsọ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ṣíìtì mìíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ lo Data Validation, ẹ yan List, kí ẹni tó ń kọ ìnáwó máa mú níbẹ̀.

Bákan náà ni òpó Iye. "12000 náírà" kì í ṣe owó lójú Excel, ọ̀rọ̀ ni. `SUM` á fò ó láìsọ fún yín.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí PivotTable pa rìsíìtì pọ̀

Èmi fẹ́ràn PivotTable ju Subtotal lọ fún iṣẹ́ yìí, torí kì í fọwọ́ kan àkọsílẹ̀. Ìnáwó wà lórí ṣíìtì kan, ìwé àtẹ̀jáde wà lórí òmíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ohun tó bá jọra pọ̀. Bí ẹ bá fi Ìsọ̀rí, Ọjọ́ àti Àlàyé sí Rows, "Ọkọ̀ lọ báńkì" ti 9/6 á di ìlà kan, 9,500. Àròpọ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ayẹ̀wé-owó-wò tó di rìsíìtì 6,000 àti 3,500 lọ́wọ́ kò ní rí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ fi Rìsíìtì kún Rows, wọ́n á yà padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Field Settings lórí Ìsọ̀rí, ẹ lọ sí Layout & Print. Ẹ yan "Show item labels in outline form", kí ẹ sì yọ àmì kúrò níwájú ohun méjèèjì tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí àkọlé lè dá dúró lórí ìlà tirẹ̀, kí àròpọ̀ sì wà nísàlẹ̀. Fún Ọjọ́, Rìsíìtì àti Àlàyé, ẹ yan tabular form, ẹ fi Subtotals wọn sí None, ẹ sì fi àmì sí "Repeat item labels" fún Ọjọ́, kí 9/6 lè hàn lórí gbogbo ìlà tó ni ín. Bí Excel bá kó àwọn ọjọ́ yín pọ̀ di oṣù fúnra rẹ̀, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Ungroup. Bí iye tó jáde bá jẹ́ 2 dípò 24,000, Count ló ń ṣe. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ tàbí òfìfo wà nínú òpó Iye. Ẹ sì rántí Refresh nígbàkigbà tí ẹ bá kọ ìnáwó tuntun, torí PivotTable kì í sábà mọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ má ṣe gbára lé Print Titles nìkan

Nínú Page Layout, Print Titles, "Rows to repeat at top" ń gbé "Ọjọ́, Rìsíìtì, Àlàyé, Iye" sórí gbogbo ojú ewé. Àkọlé ìsọ̀rí kò sí nínú rẹ̀. Bí Oúnjẹ bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ojú ewé kìíní tó sì ṣàn dé ìkejì, ẹni tó ń ka ìkejì kò ní mọ ìsọ̀rí tó wà. Nínú PivotTable Options, lábẹ́ Printing, ẹ fi àmì sí "Repeat row labels on each printed page". Bí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan bá gùn, ẹ padà sí Layout & Print, ẹ yan "Insert page break after each item"; fún Subtotal, àpótí "Page break between groups" ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ti àkápò wa kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo ló gbé lọ sí ìpàdé, àkọlé mẹ́rin, ìlà mẹ́sàn-án, 90,000 nísàlẹ̀.